Could, would àti shall nínú ímeèlì sí ọ̀gá: ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds, obìnrin òyìnbó kan tí mo jù lọ́jọ́ orí dáadáa ni ó sì jẹ́ máníjà wa. Ìgbéyàwó àbúrò mi bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, 12 oṣù Keje, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì fi mí sí iṣẹ́ láti aago 7 àárọ̀ títí di aago 8 alẹ́. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ti gbà láti bá mi ṣe ti Sátidé, kí èmi náà bá a ṣe ti ọjọ́ Àìkú. Ohun tí ó kù ni kí máníjà fọwọ́ sí i. Mo ti kọ ímeèlì tí mo fẹ́ fi tọrọ àyè náà, ṣùgbọ́n n kò tíì fi í ránṣẹ́, nítorí pé ọkàn mi kò balẹ̀ lórí could, would àti shall tí ó wà nínú rẹ̀. N kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé mo ń pàṣẹ fún ọ̀gá mi, n kò sì fẹ́ kúnlẹ̀ kọjá bí ó ṣe yẹ. Ẹ bá mi wò ó:

```
Good morning Ma,
I will like you to change my shift on Saturday 12 July.
You shall put me on Sunday.
I would not come on Saturday because of my sister's wedding.
Could you be able to reply today?
```

Akin_Ìkẹjà

Aǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó o. Ìlànà tí mo ń lò ní ọ́fíìsì wa kò le rárá. Níbikíbi tí ọwọ́ mi bá ti fẹ́ kọ will, mo máa ń yí i sí would. Níbi tí ó bá sì ti fẹ́ kọ can, mo máa ń yí i sí could. Àwọn méjèèjì yìí ni òyìnbó fi ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún àgbà. Nítorí náà, ẹ yí ìlà àkọ́kọ́ sí I would like, ẹ fi ìlà kẹta sílẹ̀ bí ó ṣe wà nítorí pé would ti wà níbẹ̀, kí ẹ sì yọ shall kúrò pátápátá, torí pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni. Bí ẹ bá tún wá fi kindly kún un, kò sí ọ̀gá tí yóò kọ̀ fún yín.

Tíṣà_Òṣogbo

Gírámà Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìdajì òtítọ́ ni Akin sọ, ìdajì tí ó kù ni ó sì lè kó Àbẹ̀kẹ́ sí wàhálà.

Ó tọ̀nà lórí ìlà àkọ́kọ́. "Màá fẹ́" tí ó wà lẹ́nu wa ni a máa ń gbé lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ń di I will like, ṣùgbọ́n létí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ó dà bí ẹni pé a ń sọ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan kan yóò wù wá bí ó bá dé iwájú wa. I would like ni ó ń sọ ohun tí a fẹ́ nísinsìnyí láìfi ipá mú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀.

Ìlà kẹta ni ibi tí ìlànà Akin ti já. Would dára nígbà tí a bá ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tàbí tí a bá ń sọ ohun tí ó wù wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sọ ohun tí àwa fúnra wa máa ṣe, will ni ó yẹ, kò sì sí àfojúdi kankan nínú rẹ̀. Bí mo bá kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé I would send the report on Friday, ohun tí òyìnbó náà gbọ́ ni "ǹ bá fi ìròyìn náà ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì", yóò sì máa dúró de ìyókù gbólóhùn náà: ǹ bá fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀? Láàrin àwa tí a jọ wà ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé ìlérí ni mo ṣe. Ẹni tí ó wà ní Leeds lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, kí ó má sì tilẹ̀ sọ fún mi.

Ti Àbẹ̀kẹ́ tún yàtọ̀, nítorí pé I would not come on Saturday jẹ́ bí òyìnbó ṣe ń gba ara wọn nímọ̀ràn: "bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní wá ní Sátidé". Máníjà lè rò pé òun ni ẹ ń kìlọ̀ fún kí òun má wá síbi iṣẹ́. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó yí i sí will not, nítorí pé ìyẹn yóò yé e dáadáa, yóò yé e pé ẹ ti pinnu kí ẹ tó béèrè. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò nílò àtúnṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìbéèrè ni kí ẹ sọ ọ́ dà: Could I swap my Saturday shift for Sunday? Ẹ sọ ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó tán.

Ní ti ìlà tí ó gbẹ̀yìn, could àti be able to ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ kò sì lè gba ènìyàn méjì síṣẹ́ láti gbé ife kan. Could you reply today? ti tó. Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé ohun tí ó ti kọjá ni could ń sọ. Nínú ìbéèrè bí èyí, kò sí ọ̀rọ̀ àná níbẹ̀ rárá. Ìrísí àtijọ́ tí ó ní ni ó ń jẹ́ kí ìbéèrè náà fà sẹ́yìn díẹ̀, tí ẹni tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ fi ń rí àyè láti sọ pé kò ní ṣeé ṣe.

Bàbá_Kọ́lá_Houston

Ẹ kú àlàyé, Tíṣà. Ṣùgbọ́n Akin ní shall ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Shall ni ó kún inú ìwé àdéhùn ilé tí mo ń gbé: Tenant shall pay, Tenant shall not keep, Tenant shall return. Ẹ̀rọ amúlétutù ilé mi ti bàjẹ́, oòrùn Texas kò sì mọ ojú ẹnì kankan. Mo fẹ́ kọ̀wé sí onílé pé You shall repair the air conditioner. Níwọ̀n ìgbà tí òun náà ti lo shall fún mi, ṣé kò tíì bọ̀wọ̀ tó ni?

Tíṣà_Òṣogbo

Bàbá Kọ́lá, ẹ ṣé tí ẹ mú un wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé kọ́ ni a ń sọ. Nínú ìwé àdéhùn, shall kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀wọ̀. Ọ̀ranyàn ni ó ń gbé lé ènìyàn lórí. Ohun tí ó ń ṣe nínú ìwé yín nìyẹn, òun náà ni ó sì ń ṣe nínú You shall put me on Sunday tí Àbẹ̀kẹ́ kọ. Ó ń sọ̀rọ̀ bí òfin, bẹ́ẹ̀ máníjà ni ó ni àṣẹ. Kódà àwọn tí ń kọ òfin àti ìlànà ti ń sá fún un: ìlànà ìkọ̀wé tí ó yéni tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ní kí wọ́n kọ must níbi tí wọ́n bá ti ń gbé ọ̀ranyàn lé ènìyàn lórí, kí wọ́n fi shall sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí onílé pé Could you have it repaired this week? Bí kò bá dáhùn, ẹ lè wá tọ́ka sí ìlà àdéhùn tí ó de òun náà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí Akin ju shall sígbó. Ẹ gbé e lọ sínú ìbéèrè, kí ẹ fi I tàbí we tẹ̀ lé e, ẹ ó rí i pé ó yí padà pátápátá. "Ṣé kí n tún ìwé iṣẹ́ náà kọ?" ni Shall I update the rota? "Ṣé kí a bẹ̀rẹ̀?" ni Shall we start? Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ti gba iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún ọ̀gá, èyí tí ó jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀gá máa ń fẹ́. Bí ẹ bá sọ Will I update the rota? ní Leeds, yóò dà bí ẹni pé ẹ ń bá babaláwo sọ̀rọ̀, ẹ fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́la, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Scotland àti Ireland fún iṣẹ́ yìí kan náà. Ní Amẹ́ríkà, Should I tàbí Do you want me to ni ẹ ó máa gbọ́ jù. Shall I kò burú níbẹ̀, àmọ́ ó máa ń dún bí ẹni tí ó wọ aṣọ òde lọ sí ọjà.

Ọmọlará_Manchester

Mo ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan níhìn-ín, irú ímeèlì báyìí sì ni mo ń kà láràárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a máa ń rí láti apá kejì.

Àwa Yorùbá máa ń kó gbogbo ọ̀wọ̀ sínú ìkíni, kí á sì fi ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. A ó kọ Good morning Sir, I hope this meets you well, lẹ́yìn náà ni a ó kọ Send me the password. Òyìnbó tí ó bá gbà á kò ní ka Sir yẹn sí nǹkankan, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Àṣẹ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ó máa rí. Bí ẹ bá kọ Hi àti orúkọ rẹ̀, tí ẹ wá kọ Could you send me the password?, ẹ ti bọ̀wọ̀ fún un ju ẹni àkọ́kọ́ lọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń nira fún àgbàlagbà láti pe orúkọ mọ́ ọ̀gá, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é níhìn-ín nìyẹn.

Èkejì ni pé kí ẹ mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pàṣẹ fún ẹ̀yin náà. Bí ọ̀gá bá sọ pé Could you look at this before three?, kò béèrè bóyá agbára yín gbé e. Iṣẹ́ ni ó gbé fún yín, aago 3 sì ni àkókò rẹ̀. Ọmọ wa kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé wà nínú ìpàdé kan tí mo wà, ni ọ̀gá bá yíjú sí i, ó ní Would you like to take the minutes? Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní No, thank you, bí ẹni tí wọ́n fi tíì lọ̀. Gbogbo yàrá dákẹ́. Kò hùwà àìdáa kankan, ìbéèrè tí ó gbọ́ ni ó dáhùn, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Bákan náà ni Shall we say Thursday? Bí ó bá ti ẹnu ọ̀gá jáde, ọjọ́bọ̀ ni, àfi bí ẹ bá ní ìdí gidi láti sọ ọjọ́ mìíràn.

Akin_Ìkẹjà

Tíṣà, mo gba ti I would send. Mo ṣí àwọn ímeèlì tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù yìí wò, ojú sì ń tì mí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dáhùn ọ̀rọ̀ kindly tí mo sọ. Ní Èkó níbí, bí mo bá kọ Could you approve this? sí ọ̀gá mi láìsí kindly, yóò ní mo ń bá òun ṣe ẹgbẹ́. Kindly approve ni gbogbo wa ń kọ.

Ọmọlará_Manchester

Bí ọ̀gá yín ní Èkó bá fẹ́ kindly, ẹ fún un ní kindly. Níhìn-ín, ilé báńkì tí ó ń lépa gbèsè ni ó máa ń sọ Kindly settle your account, nítorí náà ó máa ń dún bí ẹni pé inú ń bí ẹni tí ó kọ ọ́. Àti pé Kindly approve ṣì jẹ́ àṣẹ. Ẹ kàn fi òróró pa á lára ni.

Tíṣà_Òṣogbo

N kò gbà pé òróró lásán ni. Ní Nàìjíríà, kindly ti di bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwa, ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí ó kà á sì gbọ́ ara wọn yé. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni ẹni tí yóò ka ìwé náà.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ti tún un kọ. Mo fi would you mind kún un, torí pé mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì:

```
Good morning,
Would you mind to swap my Saturday 12 July shift with Sunday 13 July?
It is my sister's wedding, and a colleague has agreed to cover the Saturday.
I would appreciate if you can reply today.
Shall I update the rota?
```

Tíṣà_Òṣogbo

Ó ti sún mọ́ ọ dáadáa, shall yín sì dúró síbi tí ó yẹ kí ó dúró. Nǹkan kéékèèké méjì ni ó kù. Would you mind kì í gba to lẹ́yìn; ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀ lé e parí pẹ̀lú -ing: Would you mind swapping. Appreciate náà kì í dá dúró níbẹ̀, it ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, bí would bá sì ti wà níwájú, could ni etí òyìnbó ń retí lẹ́yìn: I would appreciate it if you could reply today. If you can kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ó rí i nínú ìwé àwọn òyìnbó fúnra wọn, ṣùgbọ́n could ni èmi yóò kọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìdáhùn Would you mind. Bí wọ́n bá fi béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín, "ṣé yóò ni yín lára?" ni wọ́n ń béèrè, nítorí náà No, not at all ni gbígbà. Ọ̀pọ̀ òyìnbó máa ń sọ Yes, of course, tí kò sì sí ẹni tí ó ń ṣì wọ́n gbọ́, nítorí pé ohùn wọn ti fi gbígbà hàn. Bí ó bá jẹ́ orí ìwé ni, tí ẹ kọ Yes lásán, ẹ ti kọ̀.

Ọmọlará_Manchester

Tíṣà, ẹ má bínú, èmi yóò yọ Would you mind kúrò níbẹ̀. Ohun tí kò tó nǹkan ni wọ́n sábà máa ń fi béèrè: kí ènìyàn ti fèrèsé, kí ó gbé àga sún. Pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ wákàtí 13 kì í ṣe ohun kékeré lójú máníjà, nítorí pé òun ni yóò jíhìn bí ilé náà bá ṣófo. Could I swap tí ẹ kọ́kọ́ sọ ni ó dára jù. Ẹni tí ó bá sì rò pé could kò rẹlẹ̀ tó lè lo Would it be possible to swap, ṣùgbọ́n kí ó má kó gbogbo wọn sínú gbólóhùn kan. Mo ti gba ímeèlì rí tí ó ní I was just wondering if it would at all be possible that you could perhaps, mo sì kà á títí dé òpin kí n tó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ni ó fẹ́.

Tíṣà_Òṣogbo

Mo ti rí Would you mind fún ohun tí ó tóbi ju fèrèsé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ wà níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Could I ni mo fi ránṣẹ́ níkẹyìn, mo sì fi Shall I update the rota? parí rẹ̀, mo yọ ìlà appreciate kúrò, torí pé ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí ohun tí ó ń lé mi. Ìdáhùn rẹ̀ ti dé:

```
Yes, that's fine. Could you put it on the rota yourself?
And shall we talk about your August leave on Tuesday?
```

Ṣé kí n dáhùn pé Yes, I could, and yes, we shall?

Tíṣà_Òṣogbo

Rárá o. Could tí ó fi béèrè kì í padà wá nínú ìdáhùn, nítorí pé Yes, I could ń sọ pé "mo lè ṣe é bí ó bá wù mí". We shall yóò sì dún bí ẹni tí ń búra. Ẹ ti ṣe ìlérí wàyí, àsìkò will ti tó. Ẹ kọ:

```
Of course, I'll put it on now. Tuesday is fine. Thank you.
```

Bàbá_Kọ́lá_Houston

Onílé ti dáhùn Could you have it repaired this week? O, ó ní I would send someone. Tíṣà, ọmọ Nàìjíríà ni òun náà. Ṣé kí n máa retí ẹni náà, àbí kí n má retí rẹ̀?